Àsìkò Kòkó àti Owó Kòkó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣòwò kòkó ti ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wo owó ọjà àgbáyé lórí fóònù náà sì ti gbà gbọ́ báyìí: wọ́n ní owó kòkó a máa gòkè ní àárín ọdún nígbà tí kòkó bá ti tán nínú àká, a sì máa já wálẹ̀ nígbà tí ìkórè bá dé, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ oṣù ti mọ owó. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún kò tó ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ fi oko dógò, tàbí kí ó tìtorí rẹ̀ gbé kòkó sí àká kí owó èlé máa gun orí ara wọn. Ìdí tí kò fi tó ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Kòkó kì í so lójijì. Láti ọjọ́ tí òdòdó bá ti tú lára igi títí di ọjọ́ tí èso yóò pọ́n tí àgbẹ̀ yóò fi àdá gé e, ó tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Nítorí náà òjò tí ó rọ̀ ní oṣù Igbe àti Èbìbí ni ó ń bí kòkó tí a óò ká láti Ọ̀wàrà títí wọ Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, èyí tí í ṣe ìkórè ńlá, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó tí ó tú nígbà àrọ̀kúrò òjò ni a ń ká nígbà ìkórè kékeré, láti bí oṣù Igbe lọ. Nígbà tí a bá ká a tán, a ó pa á, a ó kó o sínú agbọ̀n tàbí sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí ó bà lè gbóná kí adùn ṣokoléètì sì wọ̀ ọ́ lára, lẹ́yìn náà a ó sá a sóòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkó tí a gé ní ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wàrà kò lè dé èbúté Èkó kí ó tó di òpin oṣù náà tàbí Bélú. Ohun tí ó sì mú kí àsìkò tiwa di àsìkò gbogbo ayé ni pé Kóòtù Difuwà àti Gánà nìkan ni wọ́n ń pèsè ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ, tí a bá sì fi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù kún un, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ni bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, òjò kan náà àti ọyẹ́ kan náà ni ó sì ń ṣe àkóso gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí ọdún kòkó fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ní gbogbo ayé, tí kì í ṣe ní ọjọ́ kìíní Ṣẹ́rẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ì bá rọrùn. Ìkórè dé, kòkó pọ̀, owó wálẹ̀. Ìkórè lọ, kòkó dínkù, owó gòkè. Bí iṣu ti ń ṣe ní ọjà wa nìyẹn: nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, ẹni tí ó ń tà á kò lè dá a dúró, nítorí pé bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ yóò hù, yóò sì rà. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe iṣu. Kòkó tí a sá tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lè wà nínú àká tí ó dára ní Amsitadámù tàbí ní Hámbọ́ọ̀gì fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó ní àká tí ó sì ní owó yóò ra kòkó nígbà tí ó pọ̀, yóò tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí yóò wọ́n; rírà tí ó rà á nígbà ìkórè ni kò jẹ́ kí owó já tó bí ì bá ti já, títà tí ó tà á nígbà ọ̀wọ́n ni kò sì jẹ́ kí owó gòkè tó bí ì bá ti gòkè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, wọn yóò máa bá ara wọn dù ú títí tí ìyàtọ̀ àárín ìgbà ìkórè àti ìgbà ọ̀wọ́n yóò fi dínkù dé orí owó tí a fi ń ṣe ìtọ́jú: owó àká, owó adójútòfò, àti èlé orí owó tí a fi rà á. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn kò nípọn.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé ọjà tí wọ́n ti ń dá iye owó yìí. Ní ìlú Niú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ti dá ọjà àdéhùn kòkó sílẹ̀ ní ọdún 1925, Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Wọn kì í gbé àpò kòkó wá síbẹ̀. Àdéhùn ni wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà, àdéhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, oṣù márùn-ún ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ nínú ọdún tí wọn yóò máa fi kòkó lé ara wọn lọ́wọ́: Ẹrẹ́nà, Èbìbí, Agẹmọ, Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀pẹ. Ohun tí a ń pè ní àdéhùn ọjà ọ̀la nìyẹn. Òye rẹ̀ kò jìnnà sí wa, nítorí pé kò sí ìletò oko tí kò mọ oníṣòwò tí ń fún àgbẹ̀ lówó ní Òkúdù lórí kòkó tí a kò ní ká kí ó tó di Ọ̀wàrà. Ibi tí ti òyìnbó fi yàtọ̀ ni pé àdéhùn náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ṣírò èrè àti òfò rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú: ẹni tí ó dá owó ìdúró díẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọlé, bí ọjà bá yí padà sí i lónìí, wọn yóò ní kí ó mú owó sí i wá lónìí kan náà, bí kò bá sì rí i mú wá, wọn yóò ti àdéhùn rẹ̀ pa, òfò náà yóò sì di tirẹ̀ pátápátá, kódà bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó rò ni ó padà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí balẹ̀ sí i. Ká ní a wà ní oṣù Èbìbí, ká sì ní àdéhùn ti Agẹmọ ń lọ ní 8,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, tí àdéhùn ti Ọ̀pẹ sì ń lọ ní 7,200. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ 800 dọ́là náà? Gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọjà ni ó mọ̀ pé ìkórè ńlá yóò ti wọlé kí ó tó di Ọ̀pẹ. Ẹni tí ń ṣe ṣokoléètì mọ̀ ọ́n, ẹni tí ń tà á fún un mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ wọn ni ó sì wà nínú 7,200 náà. Wàyí o, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ pé kòkó a máa já nígbà ìkórè ta àdéhùn Ọ̀pẹ, pẹ̀lú ìrètí pé yóò rà á padà nígbà tí owó bá já. Ìkórè dé lóòótọ́, kòkó pọ̀ lóòótọ́, owó kòkó tí a fojú rí lọ́jà já láti 8,000 dé 7,200 bí àwọn àgbà ti wí. Èló ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ? Kò jẹ kọ́bọ̀, nítorí pé ní 7,200 ni ó ti tà á. Kí ó tó lè jèrè, ìkórè gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èyí tí gbogbo ayé ń retí lọ. Kò tó kí ó dé. Àsìkò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi pa owó lọ́wọ́ ẹni tí òun náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí ń mi àdéhùn ọjà ọ̀la ni ìyàtọ̀ àárín ohun tí a retí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kò sì ní oṣù tí ó yàn láàyò.

Ìtànjẹ kan sì tún wà nínú àwòrán tí wọ́n ń wò. Àdéhùn kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ikú tirẹ̀. Àdéhùn Agẹmọ yóò parí, ti Ọ̀wẹ́wẹ̀ yóò gba ipò rẹ̀, lẹ́yìn náà ti Ọ̀pẹ. Àwọn tí ń ya àwòrán ọdún púpọ̀ a máa so àwọn àdéhùn náà mọ́ ara wọn bí ẹni ń so okùn, ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n sì ni ọgbọ́n tí ń ta ọmọdé wà. Nínú àpẹẹrẹ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, àwòrán náà yóò fi hàn pé owó já ní 800 dọ́là láàárín Agẹmọ sí Ọ̀pẹ, ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ lọ́dọọdún yóò sì búra pé àsìkò ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ènìyàn kan láyé tí ó gba 800 dọ́là náà sápò. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán àsìkò wò ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ mú àdéhùn kan ṣoṣo, bóyá ti Ọ̀pẹ ti ọdún kan, kí ó tẹ̀lé e láti ọjọ́ tí ó rà á tàbí tà á títí di ọjọ́ tí ó bọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì mú ìwé jáde tí ó wí pé láàárín ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, owó kòkó gòkè ní ọdún méjìlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dùn létí, ó sì dà bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi kọ́bọ̀ kan dán an wò, kọ́bọ̀ tí kò mọ ohunkóhun nípa òjò tàbí ìkórè. Bí a bá ju kọ́bọ̀ náà sókè ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà 32,768 ni ó lè gbà balẹ̀. Nínú wọn, 576 ni yóò fi orí hàn ní ìgbà méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé bí ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta bá jókòó tí oníkálukú ń ju kọ́bọ̀ tirẹ̀, ó yẹ kí a rí ẹnì kan láàárín wọn tí yóò ní méjìlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣe idán kankan. Báwo ni ẹni tí ó kọ ìwé wa ṣe rí ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí tirẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta ni ó wà nínú ọdún tí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀. Bí ó bá dán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti ọ̀sẹ̀ méjìlá wò láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti dán ọ̀nà 156 wò. Kọ́bọ̀ lásán yóò fún un ní méjì tàbí mẹ́ta tí ó gòkè ní ọdún méjìlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì tún fún un ní irú iye bẹ́ẹ̀ tí ó já. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni yóò kọ sínú ìwé, kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa àádọ́jọ tí ó kù. Nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá ni pé ọ̀nà mélòó ni ó dán wò kí ó tó rí èyí, ìbéèrè kejì sì ni pé kí ni ó fà á lóko tàbí lẹ́bùúté tí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn fi yàtọ̀ sí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Bí kò bá rí ìdí kan sọ, kọ́bọ̀ ni ó ń ju.

Èmi kò sọ pé àsìkò kò já mọ́ nǹkankan. Ní ọdún 2016, kòkó wà ní nǹkan bí 3,000 dọ́là ní àárín ọdún. Ìkórè ńlá dé ní Kóòtù Difuwà, ìkórè tí ó padà di bí mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù, kí ọdún náà tó parí owó ti wá sí nǹkan bí 2,100, ó sì ń já lọ títí wọ ọdún kejì. Àwọn oníṣòwò Kóòtù Difuwà tí wọ́n ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú ìrètí pé owó yóò gòkè kò lè mú un ṣẹ mọ́, ní oṣù Igbe ọdún 2017 ìjọba ibẹ̀ sì gé owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kílò kan láti 1,100 sẹ́ẹ̀fà sí 700. Ẹni tí ó ta àdéhùn Ọ̀pẹ ní Agẹmọ ọdún 2016 jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fún un lérè: kì í ṣe pé ìkórè dé, bí kò ṣe pé ìkórè tí ó dé pọ̀ ju ìkórè tí ọjà ti ń bù sí owó láti oṣù Agẹmọ.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ jẹ́ kí a gbé 2016 lé ẹ̀gbẹ́ ìkórè ọdún 2023 àti ti 2024. Ní ọdún 2023 òjò rọ̀ ju bó ti yẹ lọ ní àkókò tí èso ń dàgbà, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú jà káàkiri, àrùn ẹ̀ka wíwú sì ti ń jẹ oko Gánà àti Kóòtù Difuwà run láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Igi wọn ti gbó, àwọn kan nínú àgbẹ̀ Gánà sì ti yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn fún àwọn tí ń wa góòlù. Ìkórè ńlá dé ní Ọ̀wàrà, ó sì kéré. Dípò kí owó já, ó ń gòkè nígbà tí kòkó ń wọlé gan-an: ní òpin ọdún 2023 ó ti lé ní 4,000 dọ́là, ní ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024 ó kọjá 10,000, ohun tí ojú ọjà kòkó kò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, nínú oṣù Igbe ó sì kọjá 11,000. Ó já nínú oṣù Èbìbí, àwọn ènìyàn sì wí pé wàyí o, àsìkò yóò padà sí ipò rẹ̀ nígbà ìkórè tí ń bọ̀. Ìkórè náà bọ̀, ó sì dára ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Síbẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ gan-an, nígbà tí ẹni tí ó gbọ́kàn lé àsìkò ń retí owó pọ́ọ́kú, kòkó kọjá 12,000 dọ́là. Iye tí ó ga jù lọ nínú ìtàn kòkó bọ́ sí àárín ìkórè ńlá.

Kí ni ó fa ìyẹn? Àká ni. Ní ọdún kòkó 2023 sí 2024, Àjọ Kòkó Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ohun tí ayé jẹ fi ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ju ohun tí ayé kórè lọ, ohun tí ó sì ṣẹ́kù nínú àká, bí a bá fi wé iye tí ayé ń lọ̀ lọ́dún, wá dé ibi tí kò dé láti ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹni tí ó ní àká: òun ni ó ń tẹ́ ojú owó sílẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Nígbà tí kò bá sí nǹkankan nínú àká rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí àlàfo mọ́, ìròyìn ọyẹ́ kan tàbí òjò kan tí ó pẹ́ tó láti rọ̀ sì lè gbé owó fò láàárín ọjọ́ mẹ́ta ju bí àsìkò ti ń gbé e lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Gánà pẹ̀lú, tí ó ti máa ń ta apá tí ó pọ̀ jù nínú kòkó rẹ̀ kí ìkórè tó dé, kò rí kòkó tí ó tà fi jíṣẹ́, ó ní láti sún púpọ̀ nínú rẹ̀ sí ọdún tí ó tẹ̀lé e. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́kàn lé kòkó náà bá ń wá òmíràn rà kíkankíkan. Lọ́dún 2025 owó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lọ sábẹ́ 6,000 nígbà ìkórè, ẹni tí kò bá sì fẹ́ràn àlàyé yóò ní àsìkò ti padà. Kì í ṣe àsìkò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó ti ń já, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ti dín kòkó tí wọ́n ń lọ̀ kù nígbà tí ó wọ́n jù, òjò sì dára.

Ìṣèlú náà a máa kọlu àsìkò. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2011, nígbà tí ó yẹ kí kòkó ìkórè ńlá máa kún èbúté Àbíjàǹ, Alasani Watará, ẹni tí ó wọlé ìdìbò ààrẹ Kóòtù Difuwà, pàṣẹ kí wọ́n má ṣe kó kòkó jáde kí ó bà lè gba owó lọ́wọ́ Lọ́rán Bagbó tí kò fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀. Owó fò kọjá 3,700 dọ́là ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ní oṣù Igbe wọ́n mú Bagbó, kòkó tí wọ́n ti dì sínú àká bẹ̀rẹ̀ sí jáde, owó sì já. Kò sí àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún tí ó lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni àsìkò lè sọ fún wa? Ó lè sọ ìgbà tí ìròyìn yóò ṣe pàtàkì, bí kò tilẹ̀ lè sọ ìhà tí ìròyìn náà yóò kọjú sí. Láti Òkúdù títí dé Ọ̀wẹ́wẹ̀, tí ó fi mọ́ ìgbà tí àwọn Alágẹmọ ń kórajọ sí Ìmọ̀sàn, ni èso ìkórè ńlá ń dàgbà lórí igi, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a sì máa rán ènìyàn sínú oko ní Gánà àti Kóòtù Difuwà láti ka èso lórí igi tí wọ́n ti sàmì sí; bí òjò bá ṣíwọ́ jù nínú oṣù Ògún, èso kéékèèké yóò rọ, bí ó bá sì pọ̀ jù, wọn yóò dúdú. Láti òpin Ọ̀pẹ títí dé Èrèlé, ọyẹ́ ni a ń wò: bí ó bá le tí ó sì pẹ́, òdòdó yóò gbẹ dànù, hóró kòkó tí ó kù lórí igi yóò sì kéré. Ní àárín àwọn àkókò wọ̀nyí owó a máa mì jù, ní òkè àti ní ilẹ̀. Ẹni tí ó ní kòkó tí yóò tà, tí ó sì mọ èyí, yóò mọ̀ pé kò yẹ kí gbogbo ẹrù rẹ̀ wà ní ojú afẹ́fẹ́ kan náà ní oṣù náà. Ìyẹn ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí nínú àsìkò kòkó. Ohun tí ó bá ju ìyẹn lọ, ẹ bèèrè ẹ̀rí.

Àwa ara wa ní ilẹ̀ yìí kò fi gbogbo ìgbà dojú kọ ọjà yìí. Láti ọdún 1947 tí wọ́n ti dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀ títí di ọdún 1986 tí ìjọba àpapọ̀ tú àwọn bọ́ọ̀dù náà ká, iye kan ni wọ́n máa ń kéde fún àgbẹ̀ fún gbogbo ìkórè náà; ìbáà gòkè, ìbáà já ní Lọ́ńdọ̀nù, kò kan àgbẹ̀ ní oko, ohun tí bọ́ọ̀dù sì rí lé e lórí ni ìjọba fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Àgbẹ̀ Gánà àti ti Kóòtù Difuwà wà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Tiwa ti yàtọ̀: ohun tí Niú Yọ́ọ̀kì bá sọ lónìí ni alágbàtà yóò fi díwọ̀n owó tí yóò san lọ́la, náírà sì tún wà láàárín. Láti Òkúdù ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ nígbà tí dọ́là kan kò tíì tó 500, títí di òpin ọdún 2024 tí dọ́là kan lé ní 1,500, àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú rí owó kòkó rẹ̀ tí ó ń gun orí ara rẹ̀, apá ńlá nínú rẹ̀ kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú òjò, ọyẹ́ tàbí ìkórè. Ẹni tí ó bá wo àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní náírà tí ó sì sọ pé òun rí àsìkò níbẹ̀, iye owó dọ́là ni ó rí.

Ó ku ìṣirò kan, èyí tí ó kan ẹni tí ó ní àpò kòkó nínú yàrá ju ẹni tí ń ra àdéhùn lórí fóònù lọ. Oṣù Ọ̀pẹ ni, kòkó ti gbẹ, alágbàtà dé, ẹ sì ń rò ó bóyá kí ẹ tọ́jú rẹ̀ de Ẹrẹ́nà. Ká ní kòkó ń lọ ní 6,000 dọ́là, tí dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà. Tọ́ọ̀nù kan di mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Bí owó tí ẹ fi ṣe oko bá jẹ́ owó èlé tí ó tó iye náà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan, oṣù mẹ́ta yóò jẹ 675,000 náírà lórí tọ́ọ̀nù náà, èyí tí í ṣe 450 dọ́là. Kí ẹ tó lè bọ́ láìjèrè láìpàdánù, owó kòkó gbọ́dọ̀ fi 450 dọ́là gòkè láàárín oṣù mẹ́ta, láìtíì ka èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tí ó bu nítorí òrùlé tí ń jò, àti ìwúwo tí ó dínkù bí omi ti ń gbẹ lára rẹ̀.

Wàyí o, ẹ wo pátákó Niú Yọ́ọ̀kì, kí ẹ fi àdéhùn Ọ̀pẹ wé ti Ẹrẹ́nà. Ní ọdún tí kòkó bá pọ̀ nínú àká, Ẹrẹ́nà a máa fi díẹ̀ ju Ọ̀pẹ lọ, nítorí pé ọjà ń sanwó ìtọ́jú fún ẹni tí ó ní àká. Ṣùgbọ́n èlé dọ́là àti owó àká Amsitadámù ni ó fi ń díwọ̀n owó náà, kì í ṣe èlé tiwa. Bí èlé dọ́là bá jẹ́ márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, oṣù mẹ́ta lórí 6,000 dọ́là kò ju 75 dọ́là lọ, kí a tó fi owó àká díẹ̀ kún un. Òyìnbó tí ń tọ́jú kòkó rí owó rẹ̀ gbà padà. Ẹni tí ó yá owó ní Ìjẹ̀bú kò lè rí ìdá kan nínú mẹ́rin èlé tirẹ̀ gbà. Ní ọdún ọ̀wọ́n bí 2024, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àdéhùn tí ó súnmọ́ ni ó gbówó lórí ju èyí tí ó jìnnà lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọjà kò san kọ́bọ̀ fún ìdúró: kòkó ti òní ni ó ń fẹ́, ó sì ń sanwó fún un lónìí. Bí àlàfo Ọ̀pẹ sí Ẹrẹ́nà lórí pátákó kò bá tó iye tí èlé yín yóò jẹ, kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀ láti dúró dè àfi ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, ìròyìn náà sì lè jẹ́ ti ọyẹ́ tí ó pa òdòdó, ó sì lè jẹ́ ti òjò rere ní Kóòtù Difuwà. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí àká rẹ̀ gbẹ tí afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú rẹ̀, lè tọ́jú ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù rẹ̀ de ìròyìn yẹn bí ó bá wù ú. Ẹni tí ó fi owó èlé ṣe oko, kí ó tà á nígbà tí kòkó rẹ̀ bá gbẹ tán tí àyẹ̀wò sì ti fún un ní gíréèdì kìíní.